Ojú Ìwé Méjì Tí Ìgbìmọ̀ Máa Kà

Mo máa ń yangàn, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí mo bá ti mú bírò pupa dání, tí mo jókòó ti ìwé tí ẹlòmíràn kọ, àwọn ọmọ mi á ní, "Màmá ti tún fẹ́ gé nǹkan." Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ sísọ ìwé gígùn di kúkúrú fún àwọn tí kò ráyè, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ sọ, nítorí kì í ṣe yunifásítì ló kọ́ mi. Ìlú Enugu ni mo ti kọ́ ọ, ní ọdún tí mò ń sin ilẹ̀ bàbá wa, lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tí kò tíì rí ìjábọ̀ àwọn agbaninímọ̀ràn rí láyé rẹ̀.

Ọ́fíìsì tí wọ́n gbé mi sí wà ní New Haven, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló máa ń pè wá pé kí a wá wo ohun tó ń dà wọ́n láàmú, kí a sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìgbò tó kàwé lókè òkun, mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè sọ pé òjò rọ̀ láìkọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí omi ti ń wá. Ẹni tó tún ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni màmá tó ń tẹ̀wé fún wa, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ju Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ. Èmi kò ṣe pàtàkì. "Kọ́pà" ni wọ́n ń pè mí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wò ó bóyá nọ́ńbà ojú ìwé tẹ̀ léra, kí n sì máa gbé fáìlì.

Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí n parí ìsìnlú. Bàbá mi ti bá mi wá iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nílé, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé mi ò ní ṣe é. Iṣẹ́ Ọ̀gá yìí gan-an ni mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà mí dúró, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì ní òun ò rí ohun tí òun máa fi mí ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akérò kan ló gbé iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí wá. Wọ́n ní ọgbà mẹkáníìkì méjì, ńlá kan nínú Enugu àti kékeré kan ní ìlú mìíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọkọ̀ wọn tó wà lórí ìdúró, ìgbìmọ̀ olùdarí wọn sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n ra tuntun. Oṣù mẹ́jọ ni Ọ̀gá fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Èmi náà bá wọn lo oṣù méjì níbẹ̀, mò ń ka ọkọ̀, mò ń bi àwọn mẹkáníìkì ní ìbéèrè, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ń ba aṣọ kọ́pà mi jẹ́. Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Àwọn ọkọ̀ náà kò gbó rárá. Páàtì ni wọ́n ń dúró dè. Kí bẹ́líìtì kan ṣoṣo tó lè jáde ní sítọ́ọ̀, èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú ní olú ilé iṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nílé. Bọ́ọ̀sì tó gba ọgọ́ta èèyàn á wá jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí róbà tí mo lè gbé kọ́ èjìká.

Nínú ọgbà kékeré yẹn, mẹkáníìkì àgbà kan wà tó máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ fún mi tí mo bá ti dé. Òun á dúró, èmi á jókòó máa kọ̀wé. Lọ́jọ́ kan ó fi ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, ó wo gbogbo ìwé tí mo gbé lé orúnkún, ó wá fi píjìn bi mí pé, "My daughter, all this paper wey you dey write, e no go drive us?" Mo ní rárá o, pé àwọn ọkọ̀ la wá wò, a ò wá lé ẹnikẹ́ni. Mo fi dá a lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìjábọ̀ náà parí, ó lé ní igba ojú ìwé. Níwájú rẹ̀ ni àkékúrú wà, èyí tí àwọn tí kò ráyè máa ń kà dípò gbogbo ìyókù. Àkékúrú Ọ̀gá jẹ́ ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Ó fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó kọjá sí ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ṣàlàyé bí a ṣe ṣe ìwádìí, ẹni tí a bá sọ̀rọ̀, àti ibi tí a ti bá a sọ ọ́. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni ìmọ̀ràn mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà, tí gbogbo wọn dọ́gba lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lù mẹ́ta, tó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo wàhálà, wà láàárín ọ̀rọ̀ ọ̀dà ẹnu ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ yúnífọ́ọ̀mù àwọn awakọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà tẹ̀ wá láago. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ìgbìmọ̀ òun, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Inú mọ́tò ni àwọn kan ti ń ka ìwé ìpàdé, àwọn mìíràn kì í ṣí i títí ìpàdé á fi bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé méjì ni òun máa gbà, kó sì dé ọwọ́ òun kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé, torí pé ìgbà náà ni òun máa kó ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé. Tó bá ju ojú ìwé méjì lọ, òun á sún ọ̀rọ̀ wa sí ìpàdé tó tún ń bọ̀, ìyẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì gé ìwé náà láti àárọ̀ títí di àsìkò ìparí iṣẹ́. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé orí tábìlì. Ojú ìwé mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Kọ́pà, e dey funny you?" ló wí.

Mo ní kó má bínú, sà, àmọ́ àwọn èèyàn náà ní méjì.

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó gbé ìwé náà, ó sì jù ú sí àyà mi. "Oya, you do am. If the board take your own, you go get table for this office. If dem no take am, abeg, go teach."

Ó rò pé òun ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Orí mi ti wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì kọ́kọ́ bi ara mi ní ìbéèrè kan: kí ni àwọn èèyàn mẹ́sàn-án yìí ń bọ̀ wá ṣe níbi ìpàdé? Wọ́n ń bọ̀ wá nawọ́ sókè ni. Kí ni kí wọ́n nawọ́ sí? Nígbà tí mo ti bi ara mi báyìí, iṣẹ́ náà rọrùn. Nǹkan mẹ́ta péré ló nílò ọwọ́ wọn: kí wọ́n má ra ọkọ̀ tuntun lọ́dún náà, kí ọ̀gá mẹkáníìkì máa buwọ́ lu àwọn páàtì kéékèèké fúnra rẹ̀, kí páàtì náà sì wà nínú ọgbà, ìkẹta sì ni kí wọ́n ti ọgbà kékeré pa, kí gbogbo iṣẹ́ wà lójú kan. Méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù, máníjà lè ṣe wọ́n láìpe ìpàdé. Mo fi gbólóhùn kan tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà nínú ìjábọ̀ ńlá, mo sì kọjá.

Ìtàn ilé iṣẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ gé. Àwọn ló ni ilé iṣẹ́ náà, kí la fẹ́ sọ fún wọn? Mo sọ ojú ìwé mẹ́rin nípa bí a ṣe ṣe ìwádìí di gbólóhùn kan. Ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ni mo fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé ìparí ni Ọ̀gá fi í sí. Mi ò fi ohunkóhun kún un tí kò sí nínú ìjábọ̀ ńlá, mo sì kọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí mo sọ, kí ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́ lè lọ wò ó. Mo tún kọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ mi nínú gidigidi, pé àwọn bọ́ọ̀sì náà kò ṣàìsàn, dókítà tó máa buwọ́ lu oògùn wọn ni wọn ò rí. Mo kà á sókè fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀gá kà á lọ́sàn-án. Ó béèrè ìtàn rẹ̀, mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n, sà. Ó béèrè ìmọ̀ràn méjìdínlọ́gbọ̀n, mo fi gbólóhùn náà hàn án. Ó tún un kà, mo sì rí i pé ó wù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fajú ro. Ohun kan ṣoṣo ló ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ìyẹn ni ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Alága, ìlà márùn-ún, níwájú gbogbo ọ̀rọ̀. Mo bá a jà títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Kí ìdúpẹ́ yẹn lè ráyè, mo wá ibi tí mo tún lè gé. Ìmọ̀ràn kẹta ní ìrù gígùn kan lẹ́yìn, tó kún fún "bí" àti "lẹ́yìn tí" àti "níwọ̀n ìgbà tí." Mo gé ìrù náà. Màmá tó ń tẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí sítẹ́ńsù, bébà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, wọ́n fọwọ́ yí ẹ̀rọ, ẹ̀dà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì jáde. Ojú ìwé méjì géérégé.

Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ nígbà tí mò ń lọ sílé.

Idaw River Layout ni mò ń gbé, nínú yàrá kan nílé onílé mi tí mò ń pè ní Bàbá, ọmọ Yorùbá tó ti wà ní Enugu láti ìgbà èwe wọn. Nídìí wáyà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n ń tẹ iṣẹ́ láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì, pé ọkọ̀ ojú irin báyìí ń bọ̀, kí ẹ dá báyìí dúró. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí síbẹ̀, òyìnbó ni wọ́n fi ń dá wọn lóhùn. Èmi ni Bàbá ń rí bá sọ Yorùbá, wọn ò sì sọ púpọ̀ bákan náà. Tí Bàbá bá fẹ́ rán mi ní Artisan Market, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé: "Iṣu. Epo. Iyọ̀. Tètè."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ojú ìwé méjì mi lọ bá wọn ní fàráńdà. Mo ti ya orí ìwé náà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn sọnù, nítorí ìwé àṣírí ni. Síbẹ̀ kò yẹ kí n fi han ẹnikẹ́ni, mo mọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí ni.

Bàbá fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá ká ìwé náà sí méjì, wọ́n sì jókòó lé e lórí.

"Bàbá, ìwé mi," ni mo wí.

"Fi sílẹ̀. Nígbà tí mo wà nídìí wáyà, tí mo bá ti tẹ iṣẹ́ tán, mi ò ní jẹ́ kí ẹni tó gbà á kúrò nídìí ẹ̀rọ. Màá ní kó kà á padà fún mi. Tó bá kà á tán, màá tún bi í pé, kí lo máa lọ sọ fún ẹni tó ń yí irin níta, kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà tó yẹ? Torí ẹni yẹn kò ní rí ìwé. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa ṣe. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

"Èmi ni mo gba iṣẹ́ rẹ yìí. Ohun tí mo máa sọ níta nìyí: ẹ má ra ọkọ̀ tuntun lọ́dún yìí. Kí ọ̀gá mẹkáníìkì máa buwọ́ lu páàtì kéékèèké. Kí ẹ ti ọgbà kékeré yẹn pa." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Tí mo bá jẹ́ alága, ọjọ́ kejì ìpàdé ni mo máa rán àgádágodo lọ. Mẹkáníìkì mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà."

"Wọ́n ti lọ nìyẹn."

Inú bí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́ la wí, pé a kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ ńlá pé wọn kò gbọdọ̀ ti ọgbà yẹn pa báyìí, pé kòtò tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kò tó nínú ọgbà ńlá, kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n kó gbogbo mẹkáníìkì náà wá, kí wọ́n má lé ẹnì kan.

"Kò sí níbí," ni Bàbá wí, wọ́n sì fọwọ́ lu ìdí wọn níbi tí ìwé náà wà.

"Ó wà nínú ìjábọ̀ ńlá, sà!"

"Ta ló máa ka ìyẹn?"

Ojú ò tì mí nígbà yẹn. Mo dìde, mo ní iṣẹ́ wa kò yé wọn, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ rélùwéè, mo wọ yàrá mi lọ, mo sì gbá ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Níbẹ̀ ni mo ti rántí ìrù tí mo gé. Gbogbo "bí" àti "lẹ́yìn tí" tó ń bí mi nínú yẹn, àwọn ló ń dáàbò bo àwọn èèyàn mẹ́tàdínlógún. Mo rántí ẹ̀pà. Mo rántí àpótí ìjókòó. Mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé ìwé mi kò ní lé e lẹ́nu iṣẹ́, èmi yìí náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí kí ìdúpẹ́ lè ráyè. Ojú wá tì mí, ó tì mí gidi.

Mo jáde, mo kúnlẹ̀. Bàbá ní kí n dìde kí n lọ mú bírò wá.

A jọ jókòó ní fàráńdà títí oòrùn fi yẹ̀. Ìrù tí mo gé ju àádọ́ta ọ̀rọ̀ lọ nínú ìwé Ọ̀gá. Bàbá ń fi ìka kà, wọ́n ń ní kí n tún un ṣe. Wọ́n kọ́ mi pé ohun tó gbọdọ̀ ṣáájú ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí ẹni tó ń kánjú máa ń gba ohun tó bá kọ́kọ́ rí, á sì sáré lọ. Òyìnbó la fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó sọ nìyí: "Títí kòtò mẹ́ta tuntun yóò fi parí ní ọgbà ńlá, ẹ má ti ọgbà kékeré pa. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo mẹkáníìkì rẹ̀ wá. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni." Mo kà á fún wọn, wọ́n sì kà á padà fún mi láìwo ìwé. Kò sí ẹ̀yà kan tó jábọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ọ́fíìsì ní aago méje. Màmá tó ń tẹ̀wé ló kọ́kọ́ gbọ́ pé sítẹ́ńsù ọjọ́ Ẹtì kò wúlò mọ́, pé a máa tún un tẹ̀. Wọ́n pòṣé gígùn, wọ́n sì bọ́ bàtà wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá fẹ́ le. Nígbà tí Ọ̀gá dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó pariwo tí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi yọjú. "You carry client paper give landlord?" Mo ní kó dárí jì mí. Ó tún pariwo díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí landlord náà wí.

Mo sọ fún un. Ó jókòó, ó ṣí ìjábọ̀ ńlá sí ìpínrọ̀ náà, ìpínrọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní òun ka ojú ìwé mi lọ́jọ́ Ẹtì, òun ò sì mọ̀ pé ohunkóhun ti yọ kúrò níbẹ̀. Àwa tí a ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ṣe la ń fi ọkàn ara wa dí àlàfo tó wà nínú ìwé. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́ láti ìgbà náà.

Kò tíì tán síbẹ̀. Gbólóhùn tuntun náà ti tì wá kọjá ojú ìwé kejì pẹ̀lú ìlà mẹ́rin. Mo mú bírò pupa, mo sì gé gbólóhùn dókítà mi, èyí tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ara mi. Ó dùn mí, àmọ́ kò sí ẹni tó máa nawọ́ sókè nítorí rẹ̀. Ìlà méjì lọ, méjì kù. Mo kàn ń wo ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Alága, Ọ̀gá náà sì ń wò ó. Nígbà tó yá, ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó fà á la ìlà márààrún já, ó ní kí màmá tẹ ìdúpẹ́ náà sínú lẹ́tà tó máa tẹ̀ lé ìwé lọ. Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Màmá tẹ̀ ẹ́ láìṣi lẹ́tà kan. Èmi àti Ọ̀gá la yí ẹ̀rọ, tàdáwà sì kùn mí dé ìgúnpá. Mo wọ takisí, mo gbé àpò ìwé náà mọ́ àyà, mo sì fi lé akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí aago ara ògiri rẹ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu méjìlá. Ó ka ojú ìwé: ọ̀kan, èjì. Ó ní, "Thank you." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọ̀gá mú mi dání lọ sí ìpàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n bá òun gbé ìwé. Àwọn ìjábọ̀ ńlá wà lórí tábìlì gígùn náà níwájú àwọn èèyàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sì sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwé tí wọ́n ti ṣí. Alága, àgbàlagbà onífìlà pupa kan, ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ ojú ìwé méjì mi jáde, ó ti ká a sí mẹ́rin, tíì sì ti ta sí etí rẹ̀. Ó ní inú mọ́tò ni òun ti kà á. Ó gbé e lélẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kò wò ó mọ́.

"Ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ kí a ṣe," ló fi gẹ̀ẹ́sì wí. Ó sọ ìkíní àti ìkejì. Mo di etí tábìlì mú. "Ìkẹta, a ò gbọdọ̀ ti ọgbà kékeré pa títí wọ́n á fi gbẹ́ kòtò mẹ́ta ní ńlá. Nígbà náà, gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ á wá. A ò ní lé ẹnì kankan."

Ẹnì kan láàárín wọn ní kí ló dé tí a máa dúró, kí wọ́n tì í lọ́la. Ọ̀gá la ẹnu láti ṣàlàyé, mo sì mọ̀ pé ibi tí omi òjò ti ń wá ló fẹ́ gbà. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí Alága dáhùn: "Níbo ni ọkọ̀ wọn á wọ̀ lọ́la? Kòtò ò sí. Ó wà níbí, ka ìpínrọ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀." Ọ̀gbẹ́ni náà ṣí ìjábọ̀ ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kà á, ó mi orí. Wọ́n nawọ́ sókè sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó gbé tíì wọlé.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun ayọ̀ láyé mi, mo ti ṣègbéyàwó, mo ti bímọ. Síbẹ̀ mi ò mọ èyí tó wú mi lórí tó ọwọ́ mẹ́sàn-án yẹn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá ń rìn níwájú, kò wẹ̀yìn. "Kọ́pà," ló wí, ó sì dúró. "That your table. You want am for window side, abi for door side?"

Mo ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, sà.

Mo sáré délé. Bàbá wà ní fàráńdà. Mo fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Kí ni wọ́n máa sọ fún ẹni tó ń yí irin?" Mo sọ ọ́ fún wọn bí Alága ṣe sọ ọ́, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un. Bàbá fi ìka kan lu apá àga wọn kí, kí-kí, bí wọ́n ṣe máa ń lù ú lórí ẹ̀rọ láyé ọjọ́un. "Ó ti dé," ni wọ́n wí. Omi bọ́ lójú mi, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí i.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n rán mi lọ sí ọgbà ńlá láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ti ní tábìlì nígbà náà, mi ò wọ aṣọ kọ́pà mọ́. Òórùn símẹ́ńtì ṣì wà lára àwọn kòtò tuntun. Mo dúró létí ọ̀kan nínú wọn, mò ń wá ibi tí mo lè gbé ìwé lé, nígbà tí ọkùnrin kan jáde láti abẹ́ bọ́ọ̀sì, ọ́ìlì kún ojú rẹ̀. Kò kí mi. Ó kọjá lọ síbi ògiri, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ àtijọ́, tó ti gbé wá láti ọgbà kékeré, ó fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e síwájú mi kí n jókòó.